Lẹ́tà Ìfọwọ́sọ̀yà: Ohun tó wà nínú rẹ̀, àti ohun tí ọ́dítọ̀ ń ṣe bí ọ̀gá bá kọ̀ láti fọwọ́ sí i

Bí oṣù kẹta bá ti wọlé báyìí, ìbéèrè kan náà ló máa ń gba fóònù mi kan. Àwọn ọ̀dọ́ ọ́dítọ̀ á ní, "Ẹ̀gbọ́n, a ti parí iṣẹ́, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà kò fọwọ́ sí lẹ́tà. Kí ni ká ṣe?" Àwọn oní-ilé-iṣẹ́ náà á pè láti òdìkejì: "Ọ́dítọ̀ gbé lẹ́tà kan wá, ó ní kí n fọwọ́ sí i. Ṣé kì í ṣe pé ó fẹ́ ti ẹ̀bi rẹ̀ sí mi lọ́rùn?" Ẹ jẹ́ kí n dá ẹ̀yin méjèèjì lóhùn pa pọ̀. Ilẹ̀ Nàìjíríà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, nítorí náà òfin ibẹ̀ ni mo máa tọ́ka sí, ṣùgbọ́n ìlànà àgbáyé fún iṣẹ́ ọ́dítọ̀ tí à ń pè ní ISA 580 ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà dúró lé.

## Ẹ má da lẹ́tà mẹ́ta pọ̀

Lẹ́tà ìfọwọ́sọ̀yà ni èyí tí àwọn alákòóso ilé-iṣẹ́ kọ sí ọ́dítọ̀. Orí ìwé ilé-iṣẹ́ wọn ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, àwọn ló sì ń fọwọ́ sí i. Nínú rẹ̀ ni wọ́n ti ń fọwọ́ sọ̀yà pé ohun tí wọ́n sọ fún un nígbà àyẹ̀wò, bẹ́ẹ̀ ló rí.

Lẹ́tà kejì ni èyí tí ọ́dítọ̀ fúnra rẹ̀ ń kọ sí ilé-iṣẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́, tó fi ń sọ ibi tí ètò wọn ti ń jò: ẹni kan ṣoṣo ló ń gba owó tó tún ń kọ ọ́ sílẹ̀, kò sẹ́ni tó ń ka ọjà inú sítọ́ọ̀, àti irú rẹ̀. Àwọn méjèèjì yìí ni wọ́n máa ń pè lórúkọ tó jọra, ibẹ̀ sì ni ìdàrúdàpọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ìwé ẹ̀rí tí abala 405 nínú CAMA 2020, òfin àwọn ilé-iṣẹ́ ní Nàìjíríà, ní kí ọ̀gá àgbà àti olórí ẹ̀ka owó fọwọ́ sí, bí ilé-iṣẹ́ náà kì í bá ṣe ilé-iṣẹ́ kékeré. Òfin ló béèrè ìyẹn. Mo ti rí ọ̀gá tó ní, "Mo ṣáà ti fọwọ́ sí ti CAMA, kí lẹ tún ń fẹ́?" Ọ̀kan kò dípò èkejì.

## Òpó méjì tí lẹ́tà náà dúró lé

Gbólóhùn inú lẹ́tà yìí lè tó ogún, wọn kò sì wúwo bákan náà. Méjì ni òpó rẹ̀. Bí ọ̀kan nínú méjèèjì bá wó, ilé ti wó nìyẹn.

Òpó kìíní: àwọn alákòóso gbà pé ojúṣe àwọn ni láti ṣe àkọsílẹ̀ ìṣúná ọdún bó ṣe yẹ, pé àwọn sì ti ṣe é. Bí a bá kọ ọ́ ní Yorùbá, báyìí ni:

> A ti ṣe ojúṣe wa gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà àdéhùn iṣẹ́ ṣe là á kalẹ̀, pé kí a ṣe àkọsílẹ̀ ìṣúná yìí ní ìbámu pẹ̀lú ìlànà ìṣirò owó tí a ń tẹ̀ lé.

Òpó kejì: wọn kò fi nǹkan kan pamọ́ fún ọ́dítọ̀, kò sì sí òwò kankan tí wọn kò kọ sílẹ̀:

> A ti fún yín ní gbogbo ìwé, àlàyé àti àǹfààní tí a jọ fohùn ṣọ̀kan lé lórí. Gbogbo òwò tí a ṣe ló wà nínú ìwé wa, tó sì hàn nínú àkọsílẹ̀ ìṣúná.

Àwọn ìlànà mìíràn ló bí àwọn gbólóhùn tó kù. Àwọn tí ẹ ó máa rí jù nìyí:

- jìbìtì tí wọ́n mọ̀ tàbí tí wọ́n fura sí
- òfin tí wọ́n rú, àti ẹjọ́ tó wà ní kóòtù
- àwọn tó bá ilé-iṣẹ́ tan, àti òwò tí wọ́n bá wọn ṣe
- ìdíwọ̀n tí wọ́n fojú bù, bíi gbèsè tí kò ní wọlé mọ́
- ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn òpin ọdún ìṣúná
- àṣìṣe tí ọ́dítọ̀ rí tí wọn kò tún ṣe

Ohun kan tí àwọn ọ̀dọ́ máa ń gbàgbé rèé. Lẹ́tà yìí nìkan kò tó ẹ̀rí. Bí ọ̀gá bá kọ ọ́ pé ẹgbẹ̀rún méjì àpò ọúnjẹ adìyẹ wà nínú sítọ́ọ̀ ní ọjọ́ tí ọdún parí, tí ẹ kò bá ẹnikẹ́ni kà á, ìbuwọ́lù rẹ̀ kò ní ka àpò kan fún yín. Ẹ̀rí tí ẹ ti ní lọ́wọ́ ni lẹ́tà ń kún.

## Bí a ṣe ń gbà á, ní ìtẹ̀léra

1. Sọ ọ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Kọ ọ́ sínú lẹ́tà àdéhùn iṣẹ́ pé ní òpin iṣẹ́, ẹ ó béèrè lẹ́tà ìfọwọ́sọ̀yà. Ọ̀gá tó ti fọwọ́ sí ìyẹn ní oṣù kọkànlá kò lè ní ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dá a sílẹ̀ ní oṣù kẹrin.

2. Mọ ẹni tí yóò fọwọ́ sí i. Ọ̀gá àgbà àti olórí ẹ̀ka owó ni, ìyẹn àwọn tí àkọsílẹ̀ náà wà ní ìkáwọ́ wọn. Kì í ṣe akọ̀wé owó, kì í sì í ṣe akáńtáǹtì ìta tí wọ́n gbà láti bá wọn to ìwé. Ẹni tó fọwọ́ sí i lè kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀ o, kò sí aburú níbẹ̀, ó tiẹ̀ dára.

3. Kọ ọ́ fún ilé-iṣẹ́ yẹn. Àṣìṣe tí mo ń rí jù ni kí wọ́n gbé lẹ́tà ọdún tó kọjá, kí wọ́n pa ọdún rẹ̀ dà. Ẹ ó wá rí ilé-iṣẹ́ tí kò ní ẹjọ́ kankan tó ń fọwọ́ sọ̀yà nípa ẹjọ́ kóòtù Ìkẹjà. Ọ̀gá tó bá ka ìyẹn kò ní ka ìyókù mọ́.

4. Fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá ní ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú ọjọ́ ìjábọ̀. Jókòó tì í, kí ẹ jọ kà á ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Gbólóhùn tí ọ̀gá bá ti dúró ni ẹ ti ń mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Lẹ́tà tí ẹ bá gbé lé e lọ́wọ́ ní ọjọ́ tó ń lọ sí pápákọ̀ òfurufú, á fọwọ́ sí i láìkà á, tàbí kó fura sí i. Méjèèjì kò dára.

5. So àkójọ àṣìṣe tí wọn kò tún ṣe mọ́ ọn. Wọ́n gbọ́dọ̀ sọ pé, lójú tiwọn, àwọn àṣìṣe yìí kò tó nǹkan, ì báà jẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan tàbí ní àpapọ̀.

6. Ṣọ́ ọjọ́ orí rẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ kọ sórí ìjábọ̀ àyẹ̀wò ni kó bá mu, tàbí kó fi ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Kò gbọdọ̀ jẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ láé. Bí ìjábọ̀ bá falẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí lẹ́tà ti wọlé, ẹ gba òmíràn, nítorí báńkì lè ti gba ilé ẹrù wọn láàárín ìgbà yẹn.

7. Má ṣe gbé ìjábọ̀ jáde lórí "ó ń bọ̀". Fọ́tò ìbuwọ́lù ojú ìwé kan lórí Wọ́sáàpù kì í ṣe lẹ́tà. Ojú ìwé mìíràn wo ló wà lẹ́yìn rẹ̀?

Kí ẹ tó kọ orúkọ yín sí ìjábọ̀, ẹ fi èyí yẹ̀ ẹ́ wò:

- [ ] Ọ́dítọ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí
- [ ] Ó kárí gbogbo ọdún tí ìjábọ̀ dárúkọ
- [ ] Òpó méjèèjì wà nínú rẹ̀, kò sí ẹni tó fa ìlà lé wọn láti pa wọ́n rẹ́
- [ ] Àkójọ àṣìṣe so mọ́ ọn
- [ ] Ọjọ́ rẹ̀ kò kọjá ọjọ́ ìjábọ̀

## Ó ní òun kò ní fọwọ́ sí i. Ó yá.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo máa ń bi ẹni tó bá pè mí ni: "Gbólóhùn wo ni kò fẹ́?" Ọ̀pọ̀ ni kò mọ̀. Wọ́n ti kọ lẹ́tà sí ọ̀gá pátápátá nínú ìbínú, wọn kò sì tíì béèrè. Kíkọ̀ kò rí bákan náà, ìyàtọ̀ rẹ̀ ló sì ń pinnu ohun tí ẹ ó ṣe.

1. Pe ìpàdé, kí ẹ béèrè ìdí. Ìdí lè jẹ́ ìbẹ̀rù lásán. Ó lè jẹ́ pé ọ̀rọ̀ inú gbólóhùn náà le jù. Ìlànà gba kí wọ́n kọ ọ́ pé "ní ìwọ̀n ìmọ̀ àti ìgbàgbọ́ wa". Ìyẹn nìkan ti tú ọ̀pọ̀ ìjà ká níwájú mi.

2. Tún wo ìwà ẹni náà. Bí ìdí tó sọ kò bá mọ́gbọ́n wá, ẹ bi ara yín léèrè: kí ni mo ti gbà gbọ́ nítorí pé òun ló sọ ọ́? Gbogbo àlàyé ẹnu tí ẹ kọ sínú fáìlì láti oṣù kìíní ni ẹ ó tún padà wò.

3. Mú ọ̀rọ̀ náà tọ ìgbìmọ̀ olùdarí lọ. Alága lè má mọ̀ pé ọ̀gá àgbà kọ̀.

4. Pinnu èrò yín, ìyẹn ohun tí ẹ ó sọ nínú ìjábọ̀ nípa àkọsílẹ̀ ìṣúná náà. Bó bá jẹ́ pé òpó méjì yẹn ni wọ́n kọ̀, ISA 580 kò fi àyè dúnàádúrà sílẹ̀: ọ́dítọ̀ kò ní sọ èrò kankan lórí àkọsílẹ̀ náà. Bákan náà ni bí wọ́n bá fọwọ́ sí i, àmọ́ tí iyèméjì tí ẹ ní nípa òótọ́ inú wọn pọ̀ débi pé ìfọwọ́sọ̀yà wọn lórí òpó méjì yẹn kò ṣe é gbára lé. Bó bá jẹ́ gbólóhùn mìíràn ni wọ́n kọ̀, ẹ wá ẹ̀rí lọ́nà mìíràn, kí ẹ wo bí àlàfo náà ṣe tóbi tó. Ó lè já sí èrò tó ní "àyàfi" nínú, ìyẹn pé àkọsílẹ̀ náà dára àyàfi ní ibi kan tí ẹ dárúkọ, ó lè já sí kíkọ̀ láti sọ èrò, ó sì lè máà kan èrò yín rárá bí ẹ̀rí bá jáde.

Àwọn kan máa ń bi mí bóyá àwọn lè fi "àyàfi" parí ọ̀rọ̀ bí òpó kejì kò bá sí. Rárá. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹni tí kò lè sọ pé òun ti kọ gbogbo òwò sílẹ̀, ẹ kò mọ iye tí kò kọ. "Àyàfi" ń fẹ́ ohun tí a lè dárúkọ, tí a lè fi ìlà yí ká. Èyí kò ní ààlà.

## Ìlà kan tí ọ̀gá fà: bí ó ṣe lọ

Ní ọdún 2024, a ń yẹ ìwé ilé-iṣẹ́ kan wò tó ń lọ ọúnjẹ adìyẹ. N kò ní dárúkọ rẹ̀, mo sì ti yí iye owó inú ìtàn yìí díẹ̀. Ọdún tó parí ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá 2023 ni. A fẹ́ fọwọ́ sí ìjábọ̀ ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 18 oṣù kẹrin. Lẹ́tà ti dé ọ̀dọ̀ wọn láti ọjọ́ 8.

Ní ọjọ́ 16, ọ̀gá àgbà dá a padà. Ó ti fọwọ́ sí i. Ọmọ iṣẹ́ mi kan ti ń fi sínú fáìlì pẹ̀lú ẹ̀rín kí n tó rí i pé wọ́n fi bírò búlúù fa ìlà lé gbólóhùn kan. Wọ́n fi rúlà fà á, ó gún régé. Gbólóhùn tó sọ pé àwọn ti dárúkọ gbogbo ẹni tó bá ilé-iṣẹ́ tan, àti gbogbo òwò tó wà láàárín wọn, ni.

Òpó méjèèjì dúró. Nítorí náà kò tíì di ọ̀rọ̀ kíkọ̀ láti sọ èrò. Mo pè é. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ ẹbí nìyẹn, kò kan ọ́dítọ̀."

Ẹni tó bá fa ìlà lé gbólóhùn kan ṣoṣo nínú ogún ti fi ìka tọ́ka síbi tó yẹ kí ẹ gbẹ́. A padà sídìí ìwé owó tó jáde. A to àwọn tó ń ta àgbàdo fún wọn láti orí ẹni tó gba owó jù. Ẹnì kẹta nínú wọn tà tọ́ọ̀nù 170, ó sì gba 69,700,000 náírà. A gbé ínfọ́ìsì rẹ̀ sórí tábìlì. Àdírẹ́sì orí rẹ̀ ni àdírẹ́sì ilé tí ọ̀gá àgbà fúnra rẹ̀ kọ sínú fọ́ọ̀mù olùdarí. A wo àkọsílẹ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń ta àgbàdo yìí ní ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ ìjọba, CAC. Ìyàwó ọ̀gá àgbà ló wà níbẹ̀ bí olùdarí.

Iye owó rẹ̀ ńkọ́? Wọ́n san 410,000 náírà lórí tọ́ọ̀nù kan fún un. Ní àwọn ọ̀sẹ̀ kan náà, àwọn oníṣòwò méjì mìíràn gba 365,000. Ìyàtọ̀ 45,000 lórí tọ́ọ̀nù 170 jẹ́ 7,650,000 náírà. Èrè tí ilé-iṣẹ́ náà ní lọ́dún yẹn kí wọ́n tó san owó orí kò ju mílíọ̀nù 38 lọ. Kì í ṣe owó tí èèyàn ń gbójú fò.

Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ kí ilé-iṣẹ́ ra ọjà lọ́wọ́ ìyàwó ọ̀gá. Kí wọ́n sọ ọ́ ni ìlànà ìṣirò owó béèrè: ta ni, kí ni wọ́n jọ ṣe, eélòó, eélòó ló kù. Tí wọn kò bá sọ ọ́, àkọsílẹ̀ ìṣúná ti ní àbùkù nìyẹn.

Mo kọ̀wé sí alága, mo sì so àtẹ iye owó mọ́ ọn. Wọ́n ṣèpàdé ní ọjọ́ 22. N kò mọ ohun tí wọ́n sọ fún ara wọn, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n pè wá wọlé, ọ̀gá àgbà kò wo ojú mi. Wọ́n gbà láti kọ òwò náà sínú àlàyé ẹsẹ̀ ìwé. Ó fọwọ́ sí lẹ́tà tuntun tí kò ní ìlà kankan, ọjọ́ 26 oṣù kẹrin ló wà lórí rẹ̀, ọjọ́ yẹn náà ni a kọ sórí ìjábọ̀.

Àmọ́ a kò gba lẹ́tà tuntun yẹn bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Ọkùnrin yìí ti gbìyànjú láti fi nǹkan pamọ́ lẹ́ẹ̀kan. Láàárín ọjọ́ 22 sí 26, a yẹ àwọn olùdarí ilé-iṣẹ́ mẹ́wàá tí wọ́n ń san owó fún jù wò ní CAC, a sì tún ìwé owó tó jáde ní oṣù kìíní àti oṣù kejì ọdún tuntun kà. Kò sí òmíràn. Bí a bá ti rí ẹlẹ́ẹ̀kejì ni, ì bá ṣòro fún mi láti gba ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ gbọ́ lórí ohunkóhun, òpó méjì yẹn pẹ̀lú. Ìjábọ̀ wa ì bá sì ti jẹ́ èyí tí kò ní èrò.

Ẹ̀yin kan á ní, kí ló dé tí a kò kọ "àyàfi" ká sì lọ ilé ní ọjọ́ 18? Nítorí pé ní ọjọ́ 18, a kò tíì mọ ohun tí "àyàfi" náà yóò sọ.

## Bí ìjábọ̀ tí kò ní èrò ṣe ń rí

Bó bá débẹ̀, abala èrò á sọ gbangba pé a kò sọ èrò kankan lórí àkọsílẹ̀ ìṣúná yìí. Abala tó tẹ̀ lé e á sọ ìdí: àwọn alákòóso kọ̀ láti fún wa ní ìfọwọ́sọ̀yà tí ìlànà béèrè. Ẹ yọ gbólóhùn tó máa ń sọ pé ẹ̀rí tí a rí gbà tó, ó sì yẹ. Mo ti rí ìjábọ̀ kan tí wọ́n gbàgbé rẹ̀ sínú: òkè ní kò sí èrò, ìsàlẹ̀ ní ẹ̀rí tó.

Ohun mìíràn tó kù fún ọ́dítọ̀ ni kó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Bí ẹ bá ń ronú ìyẹn, ẹ bá agbẹjọ́rò sọ̀rọ̀ kí ẹ tó kọ ohunkóhun. Ní Nàìjíríà, ọ́dítọ̀ tó bá kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ nínú ìwé náà bóyá ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ kí àwọn onípìn-ín tàbí àwọn tí ilé-iṣẹ́ jẹ lówó mọ̀. Ẹ kò lè kàn yọ lọ bí ẹni tó jáde lọ dáhùn fóònù.

## Àwọn àwáwí tí ẹ ó gbọ́

"N kò sí níbí lọ́dún náà." Ọ̀gá tuntun ló máa ń sọ èyí, mo sì káàánú rẹ̀. Síbẹ̀, òun ló ń gbé àkọsílẹ̀ náà jáde, nítorí náà òun ni yóò fọwọ́ sọ̀yà lórí gbogbo ọdún tí ìjábọ̀ kárí. Kó bi àwọn tó bá níbẹ̀, kó ka ìwé ìpàdé ìgbìmọ̀, kó sì lo "ní ìwọ̀n ìmọ̀ wa".

"Lọ́yà mi ní kí n má fọwọ́ sí ohunkóhun." Ẹ ní kí lọ́yà náà wá sí ìpàdé, kó tọ́ka sí gbólóhùn tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Bó bá dé, ọ̀rọ̀ á rọrùn. Bí kò bá wá, ẹ kọ ọ́ sínú fáìlì pé ẹ pè é.

"Ẹ jẹ́ kí akáńtáǹtì fọwọ́ sí i fún mi." Akáńtáǹtì lè fọwọ́ sí i pẹ̀lú rẹ̀. Kò lè dípò rẹ̀.

## Bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni wọ́n gbé lẹ́tà wá bá

Ẹ má fọwọ́ sí ohun tí ẹ mọ̀ pé kì í ṣe òótọ́, ẹ má sì fa ìlà lé e láìsọ ìdí. Bí gbólóhùn kan kò bá bá tiyín mu, ẹ kọ ohun tó jẹ́ òótọ́ sí ipò rẹ̀: "Kò sí ẹjọ́ kankan, àyàfi èyí tí onílẹ̀ pè wá sí ní kóòtù nípa àyè sítọ́ọ̀ wa." Ọ́dítọ̀ á béèrè ìwé ẹjọ́, á bá agbẹjọ́rò yín sọ̀rọ̀, iṣẹ́ á sì tẹ̀ síwájú. Kí ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ pe olórí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, kí ẹ ka apá tó kàn án sí i létí, kí ẹ sì gba ìwé kékeré lọ́wọ́ rẹ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Ẹ fi ìwé kékeré wọ̀nyẹn pamọ́ pẹ̀lú ẹ̀dà lẹ́tà náà. Nígbà tí ọ́dítọ̀ ọdún tó ń bọ̀ bá béèrè ibi tí ẹ ti mọ̀ pé kò sí gbèsè tí wọ́n gbàgbé láti kọ sílẹ̀, ẹ ó rí nǹkan gbé síwájú rẹ̀.